Ínhélà ń fín, àmọ́ àyà ọmọ ṣì ń dún

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4, wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Iléṣà fún ọlidé Kérésì. Ó ní ikọ́ fée. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí a ṣí ínhélà búlúù rẹ̀. Dókítà wa níbí ní kí á fín in lẹ́ẹ̀mejì bí àyà rẹ̀ bá ti ń dún. Màmá fọ sipésà, ike oníbòmú tí a máa ń ki ínhélà bọ̀, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún dáadáa, wọ́n fín in lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ àyà ọmọ ò rọlẹ̀. Ṣé oògùn yẹn ò dára ni?

Ẹ kọ́kọ́ pe Màmá ná. Bí ọmọ ò bá lè sọ̀rọ̀ geere nítorí mímí, bí awọ àárín ìhà rẹ̀ bá ń wọnú, tàbí ètè rẹ̀ ń dúdú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild nísinsìnyí, kí wọ́n sì máa fín oògùn fún un lójú ọ̀nà.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó jọ pé oògùn ò ṣẹ̀. Inú sipésà ló kù sí, tówẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo sì ń fura sí. Ẹ rántí bí kóòmù tí a fi ya irun gbígbẹ ṣe máa ń fa bébà wẹ́wẹ́ mọ́ra. Bí wọ́n bá fi aṣọ nu ike sipésà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń fa oògùn mọ́ ara rẹ̀. Nínú ọyẹ́ báyìí, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó tún burú sí i. Kí Màmá tú sipésà, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n kán ọṣẹ olómi ìfọbọ́ sí, fún bí ìṣẹ́jú 15. Kí wọ́n má fi omi mìíràn ṣan inú rẹ̀, torí ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ tó kù níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ike fa oògùn mọ́ra. Ìbòmú nìkan ni kí wọ́n ṣan. Kí wọ́n wá gbé e dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Àmọ́ bí ọmọ bá nílò oògùn kó tó gbẹ, kí wọ́n lò ó bó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ kejì: báwo ni wọ́n ṣe fín ẹ̀ẹ̀mejì yẹn? Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé ara wọn kíákíá, oògùn á lẹ̀ mọ́ra, á wúwo, á já sílẹ̀ nínú ike. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Kí wọ́n gbé ọmọ jókòó lórí itan, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà wọn. Kí wọ́n má ṣe fín in fún un lórí ẹ̀yìn tí wọ́n pọ̀n ọ́n sí. Kí wọ́n gbọn ínhélà dáadáa, kí wọ́n kì í bọ sipésà, kí agolo rẹ̀ dúró lóòró. Ìbòmú gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu, kí ó lẹ̀ mọ́ ojú pátápátá kí wọ́n tó tẹ agolo. Àlàfo tó fẹ̀ bí ìka kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tó láti jẹ́ kí ọmọ máa fa afẹ́fẹ́ lásán láti ìta. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ mí sínú, mí síta, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú sipésà tó ń ṣí tó ń pa dé. Kí Màmá máa wò ó, òun ni kí wọ́n fi ka mímí náà. Bí kò bá mira, oògùn kò wọlé.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n sinmi fún ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú 1, kí wọ́n tún gbọn ọ́n kí wọ́n tó fín èkejì. Oògùn àti gáàsì tó ń tì í jáde máa ń pínyà nínú agolo bí ó bá jókòó, ìyẹn ló fi jẹ́ pé gbígbọ̀n ẹ̀ẹ̀kan péré kò tó. Bí wọn ò bá tíì lo ínhélà náà fún bí ọjọ́ 5, kí wọ́n kọ́kọ́ fín ẹ̀ẹ̀mejì dà nù sí afẹ́fẹ́.

Ẹkún ńkọ́? Àwọn kan ń sọ pé bí ọmọ bá ń ké, ó ń mí sínú dáadáa. Rárá o. Ọmọ tó ń ké ń mí síta gùn, ó ń fa èémí sínú lójijì, oògùn á kù sí ọ̀fun. Kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ di ìbòmú mú, kí Màmá máa kà á fún un: ení, èjì, ẹ̀ta.

Bí gbogbo èyí bá tọ̀nà tí àyà ṣì ń dún, kí wọ́n máa fín ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ títí yóò fi pé 10, kí mímí 6 tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí 10 bá pé tí kò rọlẹ̀, tàbí tó rọlẹ̀ tí kò sì tó wákàtí 4 kó tún padà, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ wo ẹ̀yìn ínhélà náà fún nọ́ńbà. Èyí tó wọ́pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti 200. Bí tiyín ò bá ní nọ́ńbà, kí Màmá máa fa ìlà sínú ìwé, torí agolo á ṣì máa fín gáàsì lẹ́yìn tí oògùn inú rẹ̀ ti tán. Jíjù ú sínú omi láti wò ó bóyá ó ń léfòó kò fi nǹkan kan hàn.