Bí a ṣe ń bi olùbánisọ̀rọ̀ ní ẹ̀rí láìdà bí ìjà

Ìbéèrè: Ní ìpàdé wa ní Gwagwalada, ọ̀gá kan ní ètò àwọn ti dín ibà kù ní ìdá 40 nínú 100. Báwo ni mo ṣe lè bi wọ́n ní ẹ̀rí tí kò ní dà bí ìjà?

Ìdáhùn: Ẹ tún ọ̀rọ̀ wọn sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ wá béèrè iye tó wà nídìí rẹ̀: “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ní ibà ti fi ìdá 40 nínú 100 dín kù. Èèyàn mélòó ni ibà ń ṣe tẹ́lẹ̀, mélòó ló kù?”

Bí wọ́n bá ní láti 10 sí 6 ni, ìṣirò náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin péré ni, ó sì lè jẹ́ èèṣì. Láti 1,000 sí 600 yàtọ̀ pátápátá.

Ìbéèrè kejì ló máa ń tú àṣírí jù: “Oṣù wo la fi wé oṣù wo, sà?” Ní agbègbè Àbújá, ẹ̀fọn a máa pọ̀ lásìkò òjò. Ẹni tó bá fi oṣù Kẹsàn-án wé oṣù Kejì yóò rí ìdínkù, bí kò tilẹ̀ pín nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Oṣù Kejì ọdún yìí àti ti èṣí ló ṣeé fi wéra.

Ẹ má bi méjèèjì pọ̀, torí èyí tó rọrùn nìkan ni wọn yóò dáhùn. Ẹ yẹra fún “Kí ló dé tí ẹ fi…”, ó ń dún bí ẹ̀sùn. Bí ìwé ìṣirò ò bá sí lọ́wọ́ wọn, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè fi ránṣẹ́.