Ohun tó yẹ kí ejẹ́ńtì kọ sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó ilé

"Lọ́ọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìkòròdú, ₦800,000 lọ́dún. Ejẹ́ńtì ní kí n tètè san owó kọ́ṣọ̀n àti owó tiẹ̀ kí ẹlòmíì má baà gbà á. Kí ni kí n bèèrè kí n tó sanwó?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ìbéèrè sí i lórí Wọ́sáàpù, kí òun náà sì tẹ èsì padà.

Ẹ bèèrè ẹni tó ni ilé, àti ìwé tí onílé fi gbé iṣẹ́ náà fún un. Ẹ ní kó kọ orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí owó ilé máa wọ̀. Bí orúkọ yẹn kì í bá ṣe ti onílé, kó sọ ìdí rẹ̀.

Kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Obìnrin kan wá bá mi lẹ́yìn tó lo ọdún méjì nínú ilé kan. Ó ti san ₦100,000 kọ́ṣọ̀n, àmọ́ nígbà tó kó jáde, onílé ní òun ti fi kun ilé. Mo ní kó mú rìsíìtì wá. Ẹyọ kan ni, ₦900,000, "owó ilé" ni wọ́n sì kọ sí i. Kò sí ibi tí a ti lè fi hàn pé kọ́ṣọ̀n wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ní kí wọ́n já rìsíìtì kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀. (Òfin náà kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà.)

Nítorí náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Ta ló máa tọ́jú owó kọ́ṣọ̀n? Kí lẹ lè yọ nínú rẹ̀? Ṣé ọ̀dà tó kàn gbó fúnra rẹ̀ wà lára rẹ̀? Ọjọ́ mélòó lẹ́yìn tí mo bá kó jáde ni mo máa gbà á?" Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ya fọ́tò ògiri, síǹkì àti ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn náà.

Ẹ tún bèèrè bóyá ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti kó jáde, bóyá gbèsè iná wà lórí mítà, àti ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ máa tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni kí ọdún yín bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ sanwó. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sì yọjú, ọjọ́ wo ni gbogbo owó máa padà, tòun ti owó ejẹ́ńtì?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ tẹ èsì. Wọ́n á kàn pè yín ni. Ẹ gbé ìpè náà, ẹ gbọ́ ọ tán, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣeun. Ẹ sọ pé onílé ló máa tọ́jú ₦100,000 kọ́ṣọ̀n, àti pé mo máa gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?" Bí kò bá dáhùn, ẹ má sanwó.