Àkókò tí o máa lo ibẹ̀ gan-an ni kí o lọ yẹ̀ ẹ́ wò

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ ya fíìmù kékeré nínú ilé àtijọ́ kan létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Kí ni kí n kọ sínú ìwé tí mo máa fi yẹ ibẹ̀ wò, ní ti iná, ariwo, ìwé àṣẹ àti ìmọ́lẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan?"

Àbúrò, ìwé àṣẹ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló fi ojú mi rí màbo. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an la lò, létí ọ̀sà yẹn kan náà. A ti sanwó fún ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé náà, wọ́n fún wa ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀, ọ̀gá sì buwọ́ lù ú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù báyìí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní ọ́fíìsì ti ṣíwọ́, kí gbogbo wa máa jáde. Bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún la fẹ́ ya ìran tó ṣe pàtàkì jù, nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀. A fa lẹ́tà yọ. Déètì ló wà nínú rẹ̀, kò sí wákàtí kankan. Ọ̀gá tó buwọ́ lù ú ti pa fóònù rẹ̀. Ìkejì rẹ̀ tí a pè ní òun ò mọ nǹkan kan nípa owó tí a san. A bá kó ẹrù bọ́ síwájú ilé kí ìmọ́lẹ̀ tó kù má baà lọ lásán. Bí a ṣe gbé káméra nàró báyìí ni àwọn mìíràn tún dé láti ọ́fíìsì mìíràn, wọ́n ní abẹ́ àwọn ni títì àti etí omi wà, pé lẹ́tà wa kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹnu ẹjọ́ yẹn la wà tí oòrùn fi wọ̀. Òṣèré wa gbọ́dọ̀ padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó tuntun ni wọ́n tún bù fún wa, wọn ò sì fẹ́ já rìsíìtì. Inú ṣì ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ oníṣẹ́ yẹ kó lè sọ ohun tó ń tà.

Nítorí náà, má gba lẹ́tà tí kò kọ wákàtí sí i, láti ìgbà tí ẹ bá ń já ẹrù títí dé ìgbà tí ẹ bá kó o tán. Bí o bá fẹ́ yàwòrán láti aago méje àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kọ aago márùn-ún àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́. Kí wọ́n dárúkọ yàrá, àgbàlá, iwájú ilé, títì àti etí omi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ iye èèyàn tó ń bọ̀ àti pé ẹ máa gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Kí orúkọ ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nínú ìwé tìrẹ, ya àwòrán ilé náà bó ti mọ, kí o béèrè "ta ló ni ibí?" lórí ibi kọ̀ọ̀kan tí káméra máa dúró sí. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ni ilé, ọ̀tọ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ tó ni títì. Baálẹ̀ àdúgbò àti olórí àwọn ọ̀dọ́ náà ń retí kí o kí wọn kí o tó gbé ẹrù dé. Bí o bá rí ẹni tó gbọ́ Ẹ̀gùn mú dání, á rọrùn.

Mo gbọ́dọ̀ tún sọ èyí: bí fíìmù rẹ bá ní sójà tàbí ọlọ́pàá nínú, má kó aṣọ wọn àti ìbọn eré gba ọ̀nà Àgbádárìgì láìní lẹ́tà tí ọlọ́pàá ti gbà sílẹ̀. Ọ̀nà ibodè ni, ìdúró àyẹ̀wò pọ̀ níbẹ̀. Drónù náà ní ìwé tirẹ̀ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Lẹ́tà onílé kò ká a.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, Àgbádárìgì wà ní àríwá ọ̀sà, nítorí náà ilé tó bá kọjú sí omi, gúúsù ló kọjú sí. Fi kọ́ńpáàsì inú fóònù wò ó kí o rí i dájú. Lọ́dọ̀ wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń tẹ̀ sí, gúúsù ló sì ń tẹ̀ sí ní àwọn oṣù yòókù. Bí o bá lọ yẹ ilé náà wò ní oṣù keje, wàá rí i pé òjìji tutù wà ní yàrá iwájú lọ́sàn-án, wàá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dára. Padà dé ní oṣù kejìlá, oòrùn á gba fèrèsé iwájú wọlé dé àárín ilẹ̀. Àti pé omi máa ń ta ìmọ́lẹ̀ náà padà sókè. Mo ti rí i lórí àjà, ó ń mì, ó ń sáré, ó sì ń yí ibi padà láàárín ìran kan ṣoṣo, débi pé àwòrán àkọ́kọ́ àti èyí tó tẹ̀lé e kò bára mu mọ́. Aṣọ dúdú tí ẹ bá ta sí òkè fèrèsé ò ní dí i, torí ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀. Fèrèsé láti ìdajì wálẹ̀ ni kí ẹ dí. Jókòó síbi tí òṣèré máa jókòó sí, kí o ya àwòrán kan ní aago méje, mẹ́wàá, kan ààbọ̀ àti márùn-ún, kí o kọ oṣù sí i. Bí oṣù tí o máa ya fíìmù kò bá jẹ́ oṣù tí o yẹ̀ ẹ́ wò, padà lọ.

Ariwo: gba ohùn ibẹ̀ sílẹ̀ láti orí ìjókòó yẹn kan náà, pẹ̀lú ìgbọ́hùn létí, fèrèsé ní títì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló burú jù, torí omi máa ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lọ. Kọ wákàtí, ohun tó ń pariwo, àti ẹni tí o lè bẹ̀. Ẹni tó ń lọ ata, o lè bá a sọ̀rọ̀. Ìrun àti ìsìn, ṣe ni kí o ya ìran tí kò ní ọ̀rọ̀ nígbà náà. Béèrè ọjọ́ ọjà Agbálátà, kí o sì bojú wo òkè: bí páànù bá wà láìsí àjà lábẹ́ rẹ̀, òjò á dá ọ dúró.

Iná: má fọkàn sí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé àtijọ́. Ka ohun tí o máa tàn: iná nlá méjì tó jẹ́ wáàtì 300 níkọ̀ọ̀kan, kékeré kan 150, ohun ìgbanásí àti mọ́nítọ̀ bíi 200. Àpapọ̀ rẹ̀ 950. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA á gbé wáàtì 2,000 láìjanpata. Ayọ́n ẹni tó ń tọ́jú aṣọ òṣèré, tó jẹ́ 1,000, á sọ ọ́ di 1,950, ó ṣì ń lọ. Ẹni tó bá wá fi kẹ́tùlù 1,500 sí i láti se tíì, òun ló máa pa iná mọ́ yín lórí. Béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀ka ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀, títí dé alásè. Gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri, ní ìta gbangba, kó má sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Wáyà rẹ gbọ́dọ̀ gùn tó àádọ́ta mítà, kó sì nípọn tó 2.5 mm². Tú u kúrò lórí róòlù rẹ̀ pátápátá kí o tó tanná, torí bó bá wà ní wíwé, á gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́. Fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Bó bá gbóná, yọ nǹkan kan kúrò kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ.