Oníbàárà gba iṣẹ́ tán, kò san owó tó kù: báwo la ṣe ń kọ lẹ́tà tí a fi ń sin gbèsè?

*Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mo máa ń bá àwọn èèyàn ṣe ìkànnì ayélujára. Mo ṣe ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. ₦450,000 la jọ sọ lórí WhatsApp, wọ́n san ₦270,000 kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti kó pásíwọ́ọ̀dù fún wọn, wọ́n sì ti ń lò ó, ṣùgbọ́n ₦180,000 tó kù ti di àròyé. Màmá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àwọ̀ rẹ̀ kò wu àwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú ọlọ́pàá lọ, tàbí kí n ti ìkànnì náà pa. Ṣé lẹ́tà lè ṣe nǹkan kan?*

Lẹ́tà lè ṣe púpọ̀, bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí. Orúkọ Màmá ló máa wà lára àpòòwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá ò bá san, májísíréètì ló máa kà á, ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣàdéhùn. Òun ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kọ ọ́.

Àwọn lẹ́tà tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi, ẹ̀bẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á kí, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á ní owó ilé ti pé, ọmọ ń ṣàìsàn. Ẹ ó kà á débi ìparí kí ẹ tó rí iye tí wọ́n ń béèrè, ẹ lè má sì rí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Adájọ́ kò lè rí gbèsè nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, àánú nìkan ló máa rí. Ọ̀wọ̀ tí ẹ ní fún Màmá, "ẹ" àti "mà" ti tó láti gbé e. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ kí ọmọdé dárúkọ iye tí àgbà jẹ ẹ́.

Ohun tí lẹ́tà náà nílò kò pọ̀: ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn lé lórí, iye tí wọ́n ti san, ọjọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, iye tó kù, àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yín kọ ọ́ wò. Ọjọ́ tòótọ́ tó wà lórí fóònù yín ni kí ẹ fi rọ́pò tèmi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́, nítorí òun ni ilé-ẹjọ́ ń lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó tún wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀.

> Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, 2025
>
> Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún yìí, a fẹnu kò lórí WhatsApp pé n ó ṣe ìkànnì fún ilé-ẹ̀kọ́ yín ní ₦450,000. Ní ọjọ́ kejì ẹ san ₦270,000 sínú àkáǹtì mi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin, mo parí iṣẹ́, mo fi pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ẹ sì dáhùn pé ẹ ti rí i. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń gba fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì náà. Owó tó kù ni ₦180,000.
>
> Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ni ẹ kọ́kọ́ sọ pé àwọ̀ rẹ̀ kò wù yín. Àwọ̀ tí ẹ fúnra yín mú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni mo lò. Bí ohunkóhun bá wà nínú àdéhùn wa tí n kò ṣe, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún.
>
> Mo ń béèrè pé kí ₦180,000 wọ àkáǹtì tó wà nísàlẹ̀ yìí, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, 2025. Bí kò bá wọlé, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì nílùú Ilé-Ifẹ̀ láìkọ lẹ́tà mìíràn.

Ẹ wo ìpínrọ̀ kejì yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín wà. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ gbèsè sílẹ̀ máa ń sọ pé iṣẹ́ ò dára. Bí lẹ́tà yín bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ó máa dà bíi pé ẹ̀ ń sá fún un. Ẹ dárúkọ ẹ̀sùn náà fúnra yín, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹni tó bá ń kà á rí i pé wọ́n ti lo iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọ̀ tó di ọ̀ràn. Bó bá sì jẹ́ pé nǹkan kan wà tí ẹ ò ṣe lóòótọ́, ẹ parí rẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Ẹ má fi èlé kún ₦180,000 náà tí ẹ ò bá jọ ṣàdéhùn èlé. Ẹ má fi owó lọ́yà kún un. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa kì í sábà gbà kí èèyàn di ẹrù yẹn lé ẹlòmíràn lórí. Ẹ má sì kọ "bó tiẹ̀ jẹ́ ₦100,000" sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti já owó ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dúnàádúrà, ibẹ̀ ni wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ní ti ọlọ́pàá, ẹ gbàgbé rẹ̀. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Títi ìkànnì pa tún burú ju ìyẹn lọ. Ẹ ti kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Bí ẹ bá tún wọlé láìgbàṣẹ, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ayélujára ti 2015 lè mú yín, ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó á wá di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Iṣẹ́ mìíràn tó bá tún wá ni kí ẹ ti di pásíwọ́ọ̀dù mú títí owó á fi pé.

Kí ẹ tó kọ orúkọ sórí àpòòwé, ẹ wo irú ìforúkọsílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní lọ́dọ̀ CAC. Bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, Màmá fúnra rẹ̀ lẹ máa pè lẹ́jọ́, nítorí náà ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, kọ́ńpìnnì ló jẹ yín.

Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì. Ẹ mú méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ fi ìkan sílẹ̀, ẹ kọ aago àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn tiyín, kí ẹ sì ya lẹ́tà náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà. Bí Màmá bá gbà á tó sì dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn á ṣiṣẹ́ fún yín: nínú ẹjọ́ Gwani àti Ebule ní 1990, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ẹni tó gba lẹ́tà òwò tó yẹ kó fèsì sí, tí kò fèsì, a lè kà á sí pé ó gbà.

Ẹ má pa ìjíròrò WhatsApp yẹn rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba irú rẹ̀ láyè ní ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ìwé ẹ̀rí tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tó ti jáde àti bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ilé-ẹjọ́ tàbí lọ́yà yín á tọ́ yín sọ́nà lórí èyí.

Ó ṣeé ṣe kí pásítọ̀ dá sí i. Kò burú, ẹ lọ jókòó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ wọn ni o. Bí Màmá bá ní òun á san ₦60,000 lóṣù títí oṣù mẹ́ta, ẹ gbà, bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: gbèsè ₦180,000, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìfọwọ́sí Màmá. Ìwé yẹn lágbára ju lẹ́tà yín lọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ níbẹ̀ pé òun jẹ yín. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan, ọjọ́ 30 yẹn ṣì dúró, kí ẹ wà ní ilé-ẹjọ́ ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e.