Kí o tó pa Nosferatu tì, yẹ ẹ̀dà tí o wò wò ná

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin àgbà ilé yìí, fíìmù tuntun nìkan ni mo máa ń wò. Wọ́n ní kí n wo Nosferatu ti 1922, fíìmù aláìlóhùn, ṣùgbọ́n mi ò wò ó débì kan tí mo fi pa á. Ṣe ni gbogbo wọn ń sáré rìn, kò sì bà mí lẹ́rù rárá. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò, ta ló ní kó o wo ìyẹn láìsọ irú ẹ̀dà tó o máa wá fún ẹ? Àwọn ọ̀mọ̀wé fíìmù yìí náà ni, mo mọ̀ wọ́n. Èyí tó kọ́ wa to orúkọ fíìmù sílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ní ká lọ wò wọ́n. Ó parí.

Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà. Àwòrán bíi 16 sí 20 ló sábà máa ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ ẹni tó ń yí i ló kù sí. Ìgbà tí fíìmù olóhùn dé ni wọ́n so gbogbo ẹ̀rọ mọ́ 24, torí pé ohùn ò gbà kí iyára máa yí padà. Wàyí o, bí ẹnì kan bá fi 24 gbé fíìmù tó yẹ kó lọ ní 18 jáde, ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú mẹ́rin á parí ní mẹ́ta. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn tó o rí yẹn kiri nìyẹn.

Gígùn rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò. Ẹ̀dà Nosferatu tó pé, tí iyára rẹ̀ sì tọ́, tó nǹkan bí 94 ìṣẹ́jú. Bó bá fi díẹ̀ lé ní wákàtí kan, wọ́n ti mú un sáré, tàbí wọ́n ti gé e, tàbí méjèèjì. Tó bá jẹ́ eré sísá nìkan, lórí YouTube, lọ sí Playback speed, fi sí 0.75, á padà sí 18. Orin á máa wọ́lẹ̀, nítorí náà pa ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó gbé e sórí ẹ̀rọ ló wá orin yẹn fúnra rẹ̀.

Àmọ́ ibi tó dùn mí jù ni ti àwọ̀. Fíìmù ayé ìgbà yẹn kì í gba àwòrán dáadáa nínú òkùnkùn, nítorí náà ọ̀sán ni wọ́n ya ọ̀pọ̀ ìran òru, tí wọ́n wá rẹ fíìmù náà ní àwọ̀ búlúù kí aráyé lè mọ̀ pé òru ni. Ẹ̀dà dúdú-àti-funfun tí wọ́n fi hàn wá ò ní àwọ̀ kankan. Bí Orlok, òkú tó ń mùjẹ̀, ṣe gbé pósí rẹ̀ rọra ń rìn gba àárín ìlú nìyẹn, nínú oòrùn ganrínganrín! Bẹ́ẹ̀ oòrùn ló sì pa á níparí. (Mo ti bà á jẹ́ fún ẹ, má bínú.) Mo nawọ́, mo béèrè ìdí tí oòrùn àkọ́kọ́ ò fi pa á. Ọ̀gá ní kí n má da kíláàsì rú, pé iṣẹ́ ọnà ni, kí n ronú jinlẹ̀. Ronú kí ni? Ó ṣe kedere pé òun náà ò mọ̀. Mo kórìíra fíìmù àtijọ́ fún ìgbà pípẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, títí mo fi rí ẹ̀dà aláwọ̀. Òjìji ọkùnrin yẹn lórí àtẹ̀gùn, mi ò lè sùn!

Ìdí tí ẹ̀dà burúkú fi pọ̀ ni pé àwọn tó ṣe Nosferatu ò gbàṣẹ kí wọ́n tó lo ìtàn Dracula. Opó ẹni tó kọ ọ́ pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ Jámánì sì pàṣẹ lọ́dún 1925 pé kí wọ́n run gbogbo rẹ̀. Àwọn èyí tó sá lọ sí ìlú mìíràn ni wọ́n ń kó jọ títí dòní. Metropolis, fíìmù aláìlóhùn mìíràn láti Jámánì, náà ń kọ́? Wọ́n gé e yánkanyànkan, ó di 2008 kí wọ́n tó rí ẹ̀dà gígùn ní Buenos Aires. Èyí tó jáde ní 2010, tó sún mọ́ wákàtí méjì ààbọ̀, ni kó o wò.

Ẹ̀n-ẹ́n, èwo lo máa fi bẹ̀rẹ̀. One Week, ti aláwàdà Buster Keaton, 1920, kò tó ìdajì wákàtí. Tọkọtaya tuntun fẹ́ fọwọ́ ara wọn to ilé tó wà nínú àpótí, ọ̀tá wọn wá yí nọ́ńbà àwọn àpótí náà. Lẹ́yìn ẹ̀, wo Sherlock Jr., ìṣẹ́jú 45. Níbi tí omi ti ya lu Keaton lórí ojú irin, ọrùn rẹ̀ dá lóòótọ́, ọdún púpọ̀ kọjá kí dókítà tó rí i. Má fi 0.75 sí ti Keaton o! Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó yá díẹ̀ láwọn ibì kan, bó o bá fà á lẹ́yìn, ẹ̀rín ò ní jáde.

Tó o bá ti rẹ́rìn-ín tán, padà sí Nosferatu lálẹ́. Wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bóyá wàá rí orúkọ àjọ Friedrich-Wilhelm-Murnau-Stiftung, àwọn ló tún èyí tó dáa ṣe. Bí kò bá dá ẹ lójú, ju línkì ẹ̀ síbí, màá bá ẹ yẹ ẹ́ wò.