Bàbá kan àti bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ẹja ni à ń tà ní Ìkòròdú. Ọ̀gá wa ní kí n ṣe káàdì fún àwọn mẹ́fà tó ń bá wa tajà, kí wọ́n lè máa rí iye tí àwọn abánidíje wa ń tà á, ibi tí wọ́n ti lágbára àti ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò, má ṣe bẹ̀rẹ̀ níbi tí èmi ti bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ ni èmi náà tà fún ọdún mẹ́jọ, láti Odogunyàn títí dé Ìmọ̀tà. Káàdì àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ó dùn ún wò. Mo kó abánidíje mẹ́rin sójú ìwé kan, gbogbo tiwọn pupa, gbogbo tiwa àwọ̀ ewé. Lábẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú wọn ni mo kọ ọ́ sí pé: "Oúnjẹ wọn kì í pẹ́ rì."

Ọmọ títà wa kan gbé káàdì yìí lọ bá bàbá kan tó ní adágún mẹ́wàá, ó sì ka gbólóhùn yẹn bí mo ṣe kọ ọ́. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan wá, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò oúnjẹ abánidíje yẹn, orogún wa, tó fara ti ògiri, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sómi. Ó wá fa àga fún ọmọ wa. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni wọ́n fi jókòó ti bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, tí oúnjẹ yẹn ń léfòó, tí ìkankan ò rì. Bàbá ní, "Ọmọ mi, èyí tí ẹ sọ nípa tiyín ńkọ́, ṣé bó ṣe rí náà nìyẹn?" Ọdún méjì ló gbà kí bàbá yẹn tó tún gba ọmọ wa kankan láyè.

Mi ò purọ́ o. Àpò kan ni mo dán wò, mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n to àpò sórí sìmẹ́ńtì lásán nígbà òjò. Ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́, ó ti rọ̀, ó ti ń rún. Àìdára ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo kọ sí orí orogún wa. Láti ọjọ́ náà, àìdára kankan ò wọ káàdì mi àfi tí mo bá rí i lára àpò mẹ́ta tí mo rà níbi mẹ́ta, tí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì yàtọ̀ síra. Oníbàárà sì gbọ́dọ̀ lè dán an wò lójú ara rẹ̀. Ohun tó kù lára orogún yẹn lẹ́yìn tí mo yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ò ju ẹyọ kan lọ: ìyẹ̀fun tó ń kù sí ìsàlẹ̀ àpò wọn. A gbọn àpò mẹ́ta, a sẹ́ ẹ, a wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan nínú kílò 15. Ẹja àrọ̀ ńlá kì í jẹ ìyẹ̀fun, omi ló máa ń bà jẹ́. Ẹ rí i pé èyí kéré sí "ó ń rì", ṣùgbọ́n kò sí bàbá tó lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì já a.

Ibi tó gba làákàyè jù ni iye owó, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ káàdì ti ń ṣi àwọn ọmọ títà lọ́nà. Wọ́n á kọ iye tó wà lára bọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n á ní ó tán. Ẹ jẹ́ kí n fi ti orogún yẹn ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú iye owó ìgbà náà. Tiwa jẹ́ ₦22,000 fún àpò kílò 15, tiwọn ₦21,500. Gbogbo ọmọ wa ló ń sọ pé ₦500 ló wà láàrin wa. Irọ́ ni. Orogún wa ń fún ẹni tó bá ra ogún àpò ní ọ̀kan lénìí. Ogún àpò jẹ́ ₦430,000, àpò 21 ni oníbàárà sì gbé lọ, ìyẹn ₦20,476 lórí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e délé, oníbàárà ló ń san owó ọkọ̀, nǹkan bí ₦300 lórí àpò, ó di ₦20,776. Àwa ń gbé tiwa dé etí adágún lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàtọ̀ tòótọ́ jẹ́ ₦1,224, kì í ṣe ₦500. Èmi ọ̀gá wọn gan-an ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ra àpò márùn-ún kò rí èènì gbà. Tirẹ̀ jẹ́ ₦21,500 pẹ̀lú ₦300 ọkọ̀, ₦21,800. ₦200 péré ló wà láàrin àwa àti wọn lọ́dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìlà méjì ni iye owó gbà lórí káàdì mi: ẹni tó ń rà tó ogún, àti ẹni tí kò tó o. Ọmọ títà tí kò bá tíì bi oníbàárà pé àpò mélòó ló máa ń rà lẹ́ẹ̀kan, kò tíì mọ iye tí orogún ń tà fún un. Àwìn náà ní ìlà tirẹ̀, ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ ò ju iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró gba owó lọ.

Ẹni tó ń sin ẹja kò ra àpò láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ó rà á kí ẹja lè sanra. Kílò oúnjẹ mélòó ló ń di kílò ẹja kan? Ibẹ̀ ni ₦1,224 yẹn ti lè yí padà. A lọ bá mẹ́fà nínú àwọn tó ti lo oúnjẹ méjèèjì, tí wọ́n sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ sínú ìwé. Tiwa ń gbà wọ́n ní nǹkan bíi kílò 1.1 fún kílò ẹja kan, tiwọn bíi 1.25. Kílò kan tiwa jẹ́ ₦1,467, ẹ sọ ọ́ di 1.1, ó jẹ́ ₦1,613. Kílò kan tiwọn fún ẹni tó rà tó ogún jẹ́ ₦1,385, ẹ sọ ọ́ di 1.25, ó jẹ́ ₦1,731. Oúnjẹ tó wọ́n lọ́wọ́ tún wá pọ́ọ́kú sí i ní ₦118 lórí kílò ẹja.

Àwọn ọmọ wa gbọ́ èyí, inú wọn dùn, wọ́n fẹ́ máa sọ ₦118 fún gbogbo ayé. Mo ní ẹ dúró ná. Tí ẹnì kan tó ń rà tó ogún bá mọ ẹja tọ́jú, tí tiwọn ń gbà á ní 1.16 tàbí kó dín, tiwọn pọ́ọ́kú ju tiwa lọ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnu lè ṣe sí i. Nọ́ńbà 1.16 yẹn ni mo fi sí àárín káàdì, mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ìbéèrè tí ọmọ títà á bi wà lókè rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní ìgbà tó kọjá, àpò mélòó lẹ lò, kílò mélòó lẹ tà, mélòó ló kú?"

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìyá kan ní Ìgbógbó ní òun kó ọmọ ẹja 1,000 sómi, gbogbo wọn ò ju kílò 10 lọ. Ó lo àpò 90 ti orogún wa, ó tà kílò 1,080. Ọmọ wa ṣírò rẹ̀ sórí fóònù níwájú rẹ̀: àpò 90 jẹ́ kílò 1,350, ẹja fi kílò 1,070 sanra, 1.26 nìyẹn. Ó kọjá 1.16, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwa. Ká ní ó bọ́ sí 1.12, káàdì sọ fún un pé kó kí ìyá, kó fi nọ́ńbà sílẹ̀, kó máa lọ. Bíbéèrè iye tó kú ṣe pàtàkì, torí ẹja 300 tó kú nítorí omi burúkú ti jẹ oúnjẹ kó tó kú, oúnjẹ ni wọ́n á sì dì í rù. Ẹ má sì fi ẹni tó ta ẹja ní kílò kan wé ẹni tó sìn ín dé kílò méjì, torí bí ẹja bá ṣe ń tóbi ni oúnjẹ ń pọ̀ lórí kílò kan.

Ibi tí wọ́n ti lágbára, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Orogún wa ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí gáràájì tó ń ṣí títí di aago mẹ́jọ alẹ́, àwa ń tì ní márùn-ún. Mo kọ ọ́ sókè pátápátá. Ọmọ títà tí oníbàárà bá ṣáájú sọ ohun tí kò mọ̀ fún, ẹnu rẹ̀ á wọ́lẹ̀.

Ojú àpò ni mo ti ń mú èròjà inú rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ojú rísíìtì àwọn oníbàárà ni mo ti ń mú iye owó, mo sì ń kọ ọjọ́ tí mo rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fa ìlà sí i lára. Ẹ má pe orogún lórí fóònù láti bi í ní iye tó fẹ́ máa tà á. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fàyè gba kí ẹ̀yin àti orogún jọ fẹnu kò lórí iye ọjà, kò sì fàyè gba kí ẹ sọ ohun tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Gbólóhùn "ó ń rì" tí mo kọ yẹn lè di ẹjọ́.

Káàdì á sì jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí tèmi lórí Wáàsáàpù ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ wa. Tiwọn náà jáde. Oníbàárà kan ní Ìjẹ̀dé fi hàn mí, orúkọ wa ló wà lókè. Wọ́n kọ ọ́ pé ní oṣù Kẹjọ, tí gbogbo ayé ń kó ọmọ ẹja sómi de Kérésìmesì, oúnjẹ oníhóró mílímítà méjì wa máa ń tán, tí oníbàárà á fi ọ̀sẹ̀ kan dúró. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ẹni tó ń tọ́jú ilé ẹrù wa, mo bi í pé ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni mílímítà méjì fi tán. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.