Kíìkì kan wúwo, èkejì fúyẹ́: bí béèsì tó ń fà gùn ṣe lè yàgò fún ìlù

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. FL Studio ni mo ń lò. Orin ijó ni mo ń ṣe, 120 BPM. Kíìkì ń dún lẹ́ẹ̀mẹrin nínú báà kọ̀ọ̀kan, béèsì síńtì sì di ohùn G ìsàlẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ báà títí dé òpin. Tí kíìkì bá dá dún, bákan náà ni gbogbo rẹ̀. Kí béèsì ṣáà ti wọlé, kíìkì àkọ́kọ́ á wúwo, èkejì á fúyẹ́ bíi páálí, ẹ̀kẹta á tún wúwo. Mo ti yí fédà títí ó sú mi. Wọ́n ní kí n lo sáídíṣéènì, mo lò ó, béèsì wá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò, fi fédà sílẹ̀, kíìkì rẹ kò kéré. Ìgbì ohùn rẹ̀ àti ti béèsì ló ń forí gbárí, ìṣirò kékeré kan ló sì máa fi hàn ọ́ ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀kan wúwo tí èkejì kò wúwo.

G ìsàlẹ̀ tí béèsì rẹ dì mú yẹn, 49 Hz ni. Ìyẹn ni pé ìgbì rẹ̀ ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mọ́kàndínláàádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní 120 BPM, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, 500 ms, ló wà láàárín kíìkì kan sí èkejì. Ìdajì 49 jẹ́ 24 àti ààbọ̀. Inú ààbọ̀ yẹn ni wàhálà rẹ wà. Ọ̀pọ̀ kíìkì orin ijó ló ní ìsàlẹ̀ tó ń dún nítòsí 50 Hz, àdúgbò kan náà pẹ̀lú béèsì rẹ. Ká ní nígbà tí kíìkì àkọ́kọ́ dún, ìgbì méjèèjì jọ ń gòkè: wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, ohùn sì wúwo. Kí èkejì tó dún, béèsì ti yí po lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún, ó tún fi ààbọ̀ lé e, nítorí náà ó ń sọ̀ kalẹ̀ lásìkò tí kíìkì ń gòkè. Wọ́n ń pa ara wọn. Nígbà tó bá fi máa di kíìkì kẹta, ààbọ̀ méjì ti di odidi, wọ́n sì tún bára mu. Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn: wúwo, fúyẹ́, wúwo, fúyẹ́.

Ẹnikẹ́ni lè sọ fún ọ pé kí o tẹ bọ́tìnì tó ń dojú ìgbì béèsì dé. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, kíìkì àkọ́kọ́ ló máa fúyẹ́, tí èkejì á wúwo. Ìpò lásán ni wọ́n pààrọ̀. O tún lè gbé orin náà lọ sí 122.5 BPM, níbi tí ìgbì G máa yí po lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún géérégé láàárín kíìkì méjì, gbogbo kíìkì á sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n tí béèsì bá kúrò lórí G bọ́ sórí A#, ìṣirò náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Béèsì ló gbọ́dọ̀ fún kíìkì láyè.

Kọ́mpírẹ́sọ̀ lásán máa ń gbọ́ ohùn kan, tí ohùn náà bá sì kọjá ààlà tí o fún un, á tẹ ohùn yẹn kan náà mọ́lẹ̀. Nínú sáídíṣéènì, ohùn tó ń gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń tẹ̀: kíìkì ló ń gbọ́, béèsì ló ń tẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ rédíò, tí orin fi ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti la ẹnu, tí á sì padà gòkè nígbà tó bá dákẹ́.

Fi kíìkì sí tírákì tirẹ̀ nínú míkísà, kí béèsì náà wà ní tirẹ̀. Tẹ tírákì kíìkì kí ó jẹ́ èyí tí o yàn, lẹ́yìn náà lọ sí ọfà kékeré tó wà nísàlẹ̀ tírákì béèsì, fi bọ́tìnì ọ̀tún máósì tẹ̀ ẹ́, kí o sì yan `Sidechain to this track`. Má fi bọ́tìnì òsì tẹ̀ ẹ́ o. Ìyẹn á da ohùn kíìkì fúnra rẹ̀ sínú tírákì béèsì, kọ́mpírẹ́sọ̀ á sì máa tẹ àwọn méjèèjì pọ̀. Wàyí o, gbé Fruity Limiter sórí tírákì béèsì, tẹ `COMP`, kí o sì yan kíìkì níbi tí wọ́n kọ `SIDECHAIN` sí.

Ó kù ká mọ bí béèsì ṣe máa wálẹ̀ tó. Wàá gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé 3 tàbí 4 dB ti tó. Ó lè tó fún béèsì tí kò bá kíìkì gbé àdúgbò kan náà, ṣùgbọ́n kò tó fún tìrẹ. Ká ní ìwọ̀n kan náà ni kíìkì àti béèsì. Tí o bá tẹ béèsì wálẹ̀ ní 6 dB, ìdajì rẹ̀ ṣì kù. Níbi tí wọ́n bá ti bára mu, wàá gbọ́ ọ̀kan àti ààbọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń pa ara wọn, wàá gbọ́ ààbọ̀. Èyí tó wúwo ṣì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tó fúyẹ́, etí kò sì ní ṣàì mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ 12 dB, ìdá mẹ́rin béèsì ló kù: ọ̀kan àti ìdá mẹ́rin níbì kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin níbòmíràn. Ìyàtọ̀ yẹn ò pọ̀ mọ́, tí kíìkì bá sì ga ju béèsì lọ díẹ̀, bó ṣe sábà máa ń rí, á tún dín kù sí i.

Wo mítà tírákì kíìkì. Tó bá jẹ́ −6 dB ni orí rẹ̀ ń kàn, gbé `RATIO` sí 4:1 àti `THRES`, ìyẹn ààlà, sí −22 dB. Kíìkì fi 16 dB kọjá ààlà. 4:1 máa ń jẹ́ kí ìdá mẹ́rin ohun tó kọjá kù, ìyẹn 4 dB, nítorí náà 12 dB ló máa yọ kúrò lára béèsì. Ìṣirò lórí ìwé nìyẹn ṣá o. Kíìkì kúrú, kọ́mpírẹ́sọ̀ sì máa ń gba àkókò díẹ̀ kó tó tẹ̀ dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ohun tí wàá rí lè dín díẹ̀ ní 12. Gbé `THRES` wálẹ̀ sí i títí tí kíìkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi súnmọ́ ara wọn lórí mítà Master.

Ọ̀rọ̀ mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn, ọwọ́ `REL` ló wà, ìyẹn àkókò tí béèsì fi ń padà sí ààyè rẹ̀. Ó jọ pé tìrẹ ti gùn jù. Béèsì wálẹ̀, ó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo 500 ms náà. Kí ó tó dé òkè, kíìkì mìíràn ti dé. Àwọn kan ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú orin ijó, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lo béèrè. Bẹ̀rẹ̀ láti 100 ms, kí o máa wo ìlà tó ń fi bí kọ́mpírẹ́sọ̀ ṣe ń tẹ̀ hàn. Ó yẹ kí ó ti padà sórí òdo nígbà tí ìró kíìkì bá ń kú lọ, bíi 200 sí 250 ms lẹ́yìn tó dún. Nígbà náà, ìró kíìkì ló máa bo ibi tí béèsì ti wálẹ̀, etí á sì rò pé béèsì kò kúrò níbì kankan. Má sì kì í kúrú jù. Ìgbì 49 Hz kan ń gba nǹkan bíi 20 ms. Tí `REL` bá jẹ́ 10 ms, kọ́mpírẹ́sọ̀ á máa ṣí, á máa tì, nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan, béèsì á sì máa ha bíi sípíkà tó ti ya.

Fún `ATT`, ìyẹn àkókò tí béèsì fi ń wálẹ̀, 3 ms dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Tí o bá gbọ́ ìró "tà" kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀ kíìkì, ó yá jù, ó ń gé ìgbì béèsì láàárín. Gbé e sí 5 tàbí 8. Tó bá dé 30 ms, orí kíìkì ti kọjá kí béèsì tó yàgò, o ò ṣe nǹkan kan nìyẹn.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé o ń yí `REL` wálẹ̀ tí béèsì kò sì tètè padà. Mọ̀ dájú pé ìrù kíìkì rẹ ló gùn, nítorí pé kọ́mpírẹ́sọ̀ kì í tú béèsì sílẹ̀ tán nígbà tí kíìkì bá ṣì wà lókè ààlà. Ṣe ẹ̀dà kíìkì náà, gé e kúrú sí nǹkan bíi 60 ms, fún un ní tírákì tirẹ̀, yọ tírákì náà kúrò lára Master kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ, kí o wá jẹ́ kí òun máa darí sáídíṣéènì. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kódà tí kíìkì bá kúrú, nítorí àǹfààní mìíràn tó wà níbẹ̀: tí kíìkì gidi bá ń darí, tí o sì gbé fédà rẹ̀ sókè ní 3 dB lọ́jọ́ míràn, béèsì á tún wálẹ̀ ní 2 dB àti díẹ̀ sí i láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà kò mọ ohun tí o ń ṣe sí fédà kíìkì.

12 dB lórí béèsì látòkè délẹ̀ máa ń hàn lórí fóònù. Fóònù kò lè gbé 49 Hz jáde. Àwọn ohùn òkè béèsì ni èèyàn ń gbọ́ níbẹ̀, tí àwọn yẹn bá sì ń wálẹ̀ tó ń gòkè, mímí náà á tún padà wá. Pín béèsì sí tírákì méjì. Fi Fruity Parametric EQ 2 gé ọ̀kan kí ìsàlẹ̀ 120 Hz nìkan kù, kí o gé èkejì kí òkè rẹ̀ nìkan kù, kí sáídíṣéènì sì wà lórí ti ìsàlẹ̀ nìkan. Hẹ́dìfóònù tàbí sípíkà ńlá ni kí o fi dá ti ìsàlẹ̀ lẹ́jọ́. Fóònù kò ní sọ òótọ́ fún ọ nípa rẹ̀.

Níbi tí kíìkì bá ti dákẹ́ nínú orin náà, pinnu ohun tí o fẹ́. Kíìkì gidi tó bá dákẹ́ á jẹ́ kí béèsì dúró gbọn-in, ìsàlẹ̀ orin á sì kún lójijì. Ẹ̀dà lè máa dún lọ láìsí ẹni tó ń gbọ́ ọ, kí béèsì má pa ìṣísẹ̀ rẹ̀ dà. Bí o kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, pa àwọn nóòtì rẹ̀ rẹ́ ní apá yẹn.